Àwọn Owó Tí Kò Báramu

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí owú ṣe ń jóni, kó gbé àbúrò rẹ̀ wá síbi iṣẹ́, kó bá a tọrọ àyè, kó wá jókòó máa wò ó bí ọ̀gá ṣe ń pe àbúrò náà ní "ọpọlọ ilé yìí". Ohun tí ojú Ìyá Léjà ń rí nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, táìlì àti páìpù.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tọ́jú léjà, ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ gbogbo ọjà tí wọ́n bá tà sí, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ. Ẹni tó rajà, iye tó rà á, nọ́ńbà rìsíìtì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ tò bí eyín àgbàdo. Nígbà tí àwọn oníbàárà fi owó ọwọ́ sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù sanwó, iṣẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Á tẹ ìwé owó fóònù jáde, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo owó tó wọ àpò fóònù ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ léjà, á máa fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó yìí, ọjà yìí, àmì. Owó yìí, ọjà yìí, àmì. Wákàtí mẹ́ta gbáko lójoojúmọ́, ọrùn á máa dùn ún bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì.

Kékeré ni wọ́n ń pe àbúrò rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wọn, ọmú kan náà ni wọ́n mu. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n bẹ Màdámù, tó ni ṣọ́ọ̀bù, pé kó fi ọmọ náà sí stóòrù, kó máa ka páálí táìlì. Stóòrù lásán o! Àfi bí Kékeré ṣe ra kọ̀ǹpútà àlòkù, tó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n rò pé eré ni. Ó tiẹ̀ bá a san ìdajì owó ẹ̀kọ́. Bí a bá ra ọ̀kọ̀ fún ọmọdé, ta ni yóò rò pé ẹ̀yìn òun ni yóò kọ́kọ́ fi dánra wò?

"Ẹ wò ó, Màdámù," Kékeré ń sọ, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá. "Tó bá di agogo méje àárọ̀, ètò yìí á fúnra rẹ̀ gba ìwé owó fóònù ti àná, á sì gba àwọn rìsíìtì àná tí wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní kántà. Nọ́ńbà ìsanwó tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ oníbàárà ló kọ́kọ́ fi ń wá a. Tí nọ́ńbà bá bára mu, tí iye owó dọ́gba, ó parí. Tí kò bá rí nọ́ńbà, á wo iye owó, nọ́ńbà fóònù ẹni tó san án, àti àsìkò. Owó tó bá ti rí ọjà rẹ̀, á yọ ọ́ kúrò nílẹ̀, kò lè bá ọjà mìíràn lọ mọ́."

"Èyí tó bá wá ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Á tò wọ́n sínú ìwé kan fún wa. Owó tó wọlé tí kò ní ọjà, ọjà tó jáde tí kò ní owó, àti àwọn tí iye wọn yàtọ̀ síra. Àwọn tí kò báramu nìkan ni a ó máa fi ojú wá. Àwọn yòókù, ẹ̀rọ ti bá wa wò ó."

"Ìgbà wo ló máa parí?"

"Kò tó ìṣẹ́jú méjì, Màdámù."

Màdámù pàtẹ́wọ́. "Ọpọlọ ilé yìí rèé o! Ìyá Léjà, o gbọ́? Ìṣẹ́jú méjì!"

Ìyá Léjà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. "Èmi ò bá ẹ̀rọ jà, Màdámù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ojú oníbàárà."

Ẹlẹ́rìn-ín, ọkùnrin tó ń tajà ní kántà, ń bu omi mu lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kì í kọjá lójú ẹ̀ kó má fọwọ́ kàn án. "Ìyá Léjà wa, oníbàárà náà ò kúkú mọ ojú ẹ̀rọ. Ọ̀mì ni wọ́n ta."

"Lọ tajà rẹ, jàre."

Màdámù gbọwọ́ sókè. "Ẹ gbọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù kejì á ṣí lọ́jọ́ kìíní oṣù. Ẹnì kan ṣoṣo ni màá fi sí ọ́fíìsì ìṣirò ibẹ̀, òun ni yóò sì máa rí sí ti méjèèjì. Láti òní lọ, ẹ ṣe é lọ́nà méjèèjì, ti ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Ẹtì màá wo èyí tó jóòótọ́ jù. Ẹni tó bá ni ín ló ni àga."

Ìyá Léjà ti lọ wo ọ́fíìsì yẹn. Ó ní fèrèsé tó kọjú sí òpópónà, ó ní tábìlì tó gbòòrò, kò sì sí páálí tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, kankan níbẹ̀ tí òórùn rẹ̀ yóò máa gba orí ènìyàn. Ó ti yan ibi tí léjà yóò dùbúlẹ̀ sí. Ó ti yan ibi tí òun yóò gbé ife omi lé. Wọ́n sì wá fẹ́ gbé e fún ẹni tí òun fi ọwọ́ ara òun mú wọ ilé.

Lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń fi àmì sí ìwé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rín àwọn méjèèjì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Màdámù ń rẹ́rìn-ín, Kékeré ń rẹ́rìn-ín. Kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Odindi ọdún mọ́kànlá, Màdámù kò bá òun rẹ́rìn-ín ju ìgbà tí wọ́n bá ń pín owó oṣù lọ. Ó ń fi àmì sí i, ó ń fetí sílẹ̀. Ó ń fetí sílẹ̀, ó ń fi àmì sí i. Nígbà tó parí, kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù. Ó pa léjà dé gbàà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ pọ ìwé rẹ̀ jáde. Mẹ́jọ ni kò báramu.

"Mẹ́jọ kẹ̀?" Màdámù wo bébà náà, ó wo léjà. "Ìyá Léjà, mélòó ni tìrẹ?"

"Òdo ni, Màdámù." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń sàdúrà. "Gbogbo ọjà ló rí owó rẹ̀. Àfi bóyá ẹ̀rọ náà ń lá àlá ni."

Ẹlẹ́rìn-ín hó yèè láti kántà. "Ẹ̀rọ sùn gbàgbé!"

Ojú ti Kékeré. Nígbà tí Màdámù jáde, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Owó kan wọlé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún, kò ní ọjà. Ọjà mẹ́rin sì jáde tí wọn ò ní owó. Ẹ mọ àwọn oníbàárà yìí jù mí lọ."

Ìyá Léjà wò ó fìrí. Kí ni kò mọ̀ níbẹ̀? Owó Baba Ọlọ́dà ni. Kunlékunlé ni bàbá náà, ó ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta ní ojúlé mẹ́ta. Oníkálukú á wá gba ọ̀dà tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, ọgbọ̀n, ogún, á gba rìsíìtì tirẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ọ̀gá wọn á fi fóònù tirẹ̀ san gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Léjà kì í tiẹ̀ rò ó kó tó fi àmì sí i. Èyí tí iye rẹ̀ fi ọgọ́rùn-ún dín, oníbàárà tó máa ń yọ owó ìfiránṣẹ́ kúrò lára owó ṣọ́ọ̀bù ni. Àwọn méjì tó wọlé láìní ọjà, wọ́n san án lẹ́yìn agogo mẹ́fà ni, nígbà tí wọ́n ti pa léjà dé; ọjà wọn á wọ léjà ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ní ti ilé-iṣẹ́ owó fóònù, ọjọ́ kò tíì parí títí di òru. Ẹyọ kan ló kù tí kò fojú kàn dáadáa, rìsíìtì 217. Kò bìkítà. Ó ti fi àmì sí i tẹ́lẹ̀, ó parí.

Ẹnu rẹ̀ ló ń yún un. Gbólóhùn mẹ́ta péré, ọmọ yìí á dìde láyọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ la ẹnu, ó rántí "ọpọlọ ilé yìí", ó sì yí ojú padà sórí léjà.

"Àwa tí a ò ní ọpọlọ, kí la fẹ́ mọ̀?" ó ní. "Bi ẹ̀rọ rẹ. Ṣebí ìṣẹ́jú méjì ni."

Kékeré ká bébà rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi," ó ní, ó dìde.

Ẹ ṣeun yẹn tún wá dà bí ata lójú egbò. Ká ní ó bú òun, ká ní ó ṣe fùkẹ̀, òun á rí ibi dì í mú. Ó dúpẹ́!

Bí ènìyàn bá ní kí ọmọ má rí omi mu, tí ọmọ náà bá mọ ọ̀nà odò ńkọ́? Ọmọ kò sunkún, kò lọ fẹjọ́ sun Màdámù. Ó jókòó ti fóònù, ó ń pe àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Léjà ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn páálí.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ má bínú, mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún san lánàá ni... Àwọn ọmọ yín mẹ́ta! Háà. Ẹ ṣeun, bàbá mi. Rárá o, ẹ ò jẹ wá ní kọ́bọ̀."

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó kọ́ ètò náà pé tí owó kan bá ti fóònù bàbá wá, kó wò ó bóyá àròpọ̀ rìsíìtì àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni. Lọ́jọ́rú ó tún kọ́ ọ pé owó tó bá wọlé lẹ́yìn agogo mẹ́fà, kó gbé e dúró de rìsíìtì ọjọ́ kejì kó tó pariwo. Èyí tó fi ọgọ́rùn-ún dín, ó ní kó máa tò ó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìfiránṣẹ́, kó má fi bò ó mọ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ ni bébà ń kúrú. Ìwé ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó jáde láàárọ̀ ọjọ́rú, mú mẹ́ta wá, ti ọjà ọjọ́rú mú ẹyọ kan, wọ́n sì rí ìdí gbogbo wọn. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ohun kan ṣoṣo ló kù lórí gbogbo bébà: rìsíìtì 217 ti ọjọ́ Ajé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínláàádọ́ta, ọjà jáde, owó kò wọlé.

"Ó ku ẹyọ kan tí ẹ̀rọ ọmọ yìí ń purọ́ lé lórí," ni Ìyá Léjà sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín. "Ọ̀la ni Màdámù á rí i. Mo ti fi àmì sí owó yẹn. Màá ṣí ìwé hàn án."

"Ìyá Léjà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ta 217 o," Ẹlẹ́rìn-ín ní. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà, kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá Onílé ni, tó ń kọ́ yàrá àyágbé. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ hàn mí lórí fóònù, mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí rìsíìtì, mo jẹ́ kó kó táìlì lọ. Tí owó yẹn ò bá wọlé, ẹ mọ òfin ilé yìí. Ẹni tó yọ̀ǹda ọjà ló máa san án. Ìdajì owó oṣù mi ni!"

"Fọkàn balẹ̀. Owó rẹ wọlé."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà, ó ṣí léjà pẹ̀lú ayọ̀, ó fẹ́ to ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ de ọ̀la. Ó rí àmì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 217. Ó fa ìwé owó fóònù ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínláàádọ́ta rèé, àmì rèé. Ó dáa. Ó tún fa ti ọ̀sán yọ, kó lè gún régé. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínláàádọ́ta rèé, àmì rèé, fún rìsíìtì 211.

Ó wo nọ́ńbà ìsanwó tọ̀tún, ó wo ti òsì. Ọ̀kan náà ni. Wákàtí kan náà, fóònù kan náà.

Ọgbọ́n kan ló máa ń dá láti dín iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kù. Á tẹ ìwé jáde lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án àti nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìwé ìrọ̀lẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ padà, gbogbo owó ọ̀sán á tún jáde nínú rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe máa ń fi báírò pupa fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ ibi tó dé lọ́sàn-án, kó má baà tún padà sókè. Lórí ìwé ọjọ́ Ajé, kò sí ìlà pupa kankan. Àwọn yòókù kò lè tàn án jẹ, nítorí ọjà wọn ti gba àmì. Ṣùgbọ́n ọjà méjì ni iye wọn dọ́gba lọ́jọ́ yẹn. Owó kan ṣoṣo ló wọlé, ó sì fi í bo méjèèjì. Ì bá ṣe àròpọ̀ ni, ì bá ti mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti pa ìyẹn tì, nítorí owó ìfiránṣẹ́ àti owó tí àwọn ènìyàn ń san ṣáájú kì í jẹ́ kí àròpọ̀ dọ́gba.

Ẹ̀rín abẹ́ ilẹ̀kùn. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Owú ló fi àmì sí 217, kì í ṣe báírò.

Ó jókòó pẹ́. Bó bá dákẹ́, léjà rẹ̀ yóò sọ pé owó wọlé, ẹ̀rọ yóò sọ pé kò wọlé, Màdámù á sì gba ọdún mọ́kànlá gbọ́ ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Kékeré á padà sídìí páálí táìlì. Ẹlẹ́rìn-ín kò ní san nǹkan kan, nítorí Ìyá Léjà sọ pé owó wọlé. Ta ló máa mọ̀? Ó pa ìwé náà pọ̀, ó tì í sábẹ́ léjà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Màdámù pe gbogbo wọn sí ọ́fíìsì. Ó gbé bébà ẹ̀rọ sí apá kan, ó gbé léjà sí apá kejì, ó gbé awò ojú rẹ̀ lé imú.

"Gbogbo rẹ̀ báramu, àfi ẹyọ kan. Ẹ̀rọ ní owó 217 kò wọlé. Ìyá Léjà, àmì rẹ wà níbí. Ṣé o rí owó yìí?"

"Mo..."

Kékeré sì ki ẹnu bọ̀ ọ́ kíá. "Màdámù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣì í. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lọ́jọ́ Ajé. Tí Àǹtí mi bá ní àwọn rí i, wọ́n rí i. Wọn kì í ṣàṣìṣe."

Ìyá Léjà yíjú sí i. Ojú ọmọ náà ń bẹ̀ ẹ́, kò sì lè wò ó tààrà. Ó mọ̀! Ọmọ yìí ti wo ìwé ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́, ó ti rí àmì méjì lórí nọ́ńbà kan, ó sì fẹ́ fi ẹ̀rọ tirẹ̀ rúbọ nítorí òun. Ó fẹ́ bo òun láṣìírí. Ó fẹ́ gbé àga fún òun bí ẹni fi ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́kù tọrẹ. Kí òun máa jókòó sídìí fèrèsé yẹn lójoojúmọ́, kí òun máa mọ̀ pé Kékeré ló yọ̀ǹda rẹ̀? Iná tó jó lọ́jọ́ Ajé, ìtapárá lásán ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní. Ó ti fi ọpọlọ ju òun lọ. Ṣé yóò tún fi ọkàn rere ju òun lọ ni?

"Pa ẹnu rẹ mọ́!" Ó lu tábìlì gbà. "Ta ló ní kó o gbèjà mi? Ẹ̀rọ kò ṣì í. Màdámù, owó 217 kò wọlé. Owó 211 ni mo fi àmì sí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀kan, ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Mi ò fa ìlà. Àṣìṣe mi ni, tèmi ni, kí ẹnikẹ́ni má bá mi gbé e!"

Ẹlẹ́rìn-ín di orí mú. "Yéè, owó oṣù mi!"

Màdámù gbé fóònù. Ó tẹ Ìyá Onílé láago, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Owó táìlì ọjọ́ Ajé?" Ìyá Onílé ní. "Ṣebí ó padà sọ́dọ̀ mi! Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ó ń lọ, ìkejì ní kò lọ mọ́. Mo ń retí pé ẹ óò pè mí. Nígbà tí ẹ ò pè, mo ní bóyá Ọlọ́run ti bá mi san án."

"Ọlọ́run ò ra táìlì níbí, ìyá wa. Ẹ fi ránṣẹ́ báyìí."

Kò pẹ́, fóònù ṣọ́ọ̀bù dún. Kékeré tẹ nọ́ńbà ìsanwó tuntun náà sí 217. Bébà mọ́ féfé. Ẹlẹ́rìn-ín mí bí ẹni tó bọ́ nínú kànga, ẹ̀rín rẹ̀ sì padà wá.

Màdámù yọ awò. "Kékeré ló ni àga," ó ní. "Ẹ̀rọ jóòótọ́ jù. Ìyá Léjà, mi ò ní lé ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ yìí fi ń pe oníbàárà kiri, tó ń bi wọ́n ní ohun tó wà lórí rẹ. O mọ̀ wọ́n, o panu mọ́. Má rò pé mi ò rí i. Láti ọjọ́ Ajé, bébà àìbáramu á máa wá sọ́dọ̀ rẹ láàárọ̀. Ìwọ ni wàá máa sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá buwọ́ lù ú kí ẹnikẹ́ni tó pe oníbàárà."

Ìyá Léjà kò dúpẹ́. Ó gbé léjà rẹ̀, ó jáde.

Kékeré bá a lẹ́yìn páálí tínà. Ó dúró, kò kúnlẹ̀, ó di kọ̀ǹpútà mọ́ àyà. "Àǹtí mi, ẹ bínú sí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ máa bínú pẹ́?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ó lè gùn." Ó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Owú náà ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó ganrangan bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ó fa àga kan súnmọ́, ó fi ẹsẹ̀ tì í sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. "Jókòó. Gbé ẹ̀rọ rẹ sílẹ̀. Ìyàwó púlọ́ḿbà tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà máa ń fi fóònù ọkọ rẹ̀ sanwó tó bá ti di òpin oṣù. Ẹ̀rọ rẹ mọ ìyẹn?"

"Rárá, Àǹtí mi."

"Ọkùnrin tó ń ra páìpù ńlá, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń san owó kan, nítorí fóònù rẹ̀ kò gbà kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ rẹ mọ ìyẹn?"

"Rárá, mà."

"Kò mọ̀ ọ́n! Kò mọ nǹkan kan!" Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. "Tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Má kánjú, mo ní púpọ̀. Kó o sì kọ ọ́ sókè níbẹ̀, kí Màdámù lè rí i, pé èmi ni mo sọ ọ́."